Dókítà kọ̀ láti wo aláìsàn, ọkùnrin náà kú, síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ pàdánù ẹjọ́: ohun tí òfin ń wò kó tó pè é ní àìbìkítà

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1966, àwọn ọlọ́dẹ mẹ́ta tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Chelsea, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, mu tíì ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èébì náà ò dá. Nígbà tó ń lọ sí aago mẹ́jọ, wọ́n gbéra lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé-ìwòsàn kan tó wà nítòsí.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n pe dókítà lórí fóònù. Ara dókítà yìí fúnra rẹ̀ ò yá. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n lọ sùn, kí wọ́n sì pe dókítà tiwọn. Kò jáde wá wò wọ́n rárá. Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Barnett ti kú. Ásẹ́níìkì, májèlé burúkú, ló wà nínú tíì tí wọ́n mu. Wọn ò mọ ẹni tó fi síbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pe àwọn alákòóso ilé-ìwòsàn náà lẹ́jọ́. Tó bá jẹ́ èmi àti ẹ̀yin la jókòó síbẹ̀ bí adájọ́, ó ṣeé ṣe ká ti ní kí wọ́n lọ san owó gbà-má-bínú lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ obìnrin yìí pàdánù.

Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù o. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin àìbìkítà tí kóòtù wa ní Nàìjíríà ń lò ti wá. Ohun tí adájọ́ Èkó tàbí Ìbàdàn máa bi lọ́yà yín kò yàtọ̀ sí èyí tí Adájọ́ Nield bi lọ́yà obìnrin yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ ni ojúṣe: ṣé ó tọ́ kí ẹni yìí máa ṣọ́ra nítorí mi? Ẹjọ́ tó fi èyí rinlẹ̀ ni ti Donoghue, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland dá ní 1932. Obìnrin náà sọ pé òun rí ìgbín tó ti jẹrà nínú ìgò ohun mímu tí ọ̀rẹ́ òun rà fún òun nílùú Paisley. Òun kọ́ ló sanwó, torí náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Lord Atkin ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan: ẹni tí o bá lè rí i tẹ́lẹ̀ pé ìwà rẹ lè pa lára, aládùúgbò rẹ nìyẹn, o sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí rẹ̀. Ní ti àwọn ọlọ́dẹ wa, kò ṣòro. Ilé-ìwòsàn ti ṣí ẹ̀ka pàjáwìrì sílẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti gbà wọ́n. Ojúṣe ti wà.

Ohun kejì ni pé ṣé wọ́n kùnà ojúṣe náà? Kóòtù kì í bèèrè pé ṣé dókítà tó mọ iṣẹ́ jù láyé máa ṣe é báyìí. Ohun tí wọ́n ń wò ni ohun tí dókítà gidi, irú èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ì bá ṣe. Adájọ́ gbà pé ó ti rẹ dókítà yìí, ara rẹ̀ ò sì dá, àmọ́ kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó máa bá a ṣe é. Ó yẹ kó wò wọ́n, ó sì yẹ kó dá Barnett dúró sí ilé-ìwòsàn. Ó kùnà.

Títí débí yìí, ìyàwó ló ń borí. Ohun kẹta ló bà á jẹ́, òun náà ló sì máa ń ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́: okùnfà. Ẹ mú àṣìṣe yẹn kúrò, kí ẹ fi ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo òwúrọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ọkùnrin náà ì bá yè?

Ohun tí kóòtù ṣe gan-an nìyẹn. Ká ní dókítà jáde wá. Ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó máa dá a dúró, wọ́n á wá ibùsùn fún un, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èèyàn mẹ́ta tó ń bì lẹ́yìn tíì, ta ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ásẹ́níìkì? Èsì àyẹ̀wò tó lè jẹ́ kí wọ́n fura kò ní jáde kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀rọ̀ wà fún májèlé náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣègùn tó jẹ́rìí sọ pé kò dájú pé wọ́n á rí i fún un lásìkò kó tó kú. Torí náà, májèlé ló pa á, kì í ṣe dókítà.

Ẹ kíyè sí i pé ìyàwó ló ní ẹrù ẹ̀rí. Kò nílò kó dájú pátápátá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe ju ìdajì lọ pé ọkọ òun ì bá yè. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ ilé-ìwòsàn fi jẹ́ ọ̀rọ̀ aago. Aago mélòó lẹ dé? Aago mélòó ni wọ́n wò yín? Aago mélòó ni wọ́n fún yín lóògùn? Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì yín, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà mìíràn kà á kí ẹ tó lọ bá lọ́yà.

Ohun kẹrin ni bí àdánù náà ṣe jìnnà sí àṣìṣe tó. Ní 1951, ọkọ̀ ojú omi kan da epo sójú omi ní Sydney. Epo yìí kì í tètè gbiná lórí omi, àmọ́ irin gbígbóná já bọ́ látọwọ́ àwọn tó ń jórin létíkun, ó sì ran aṣọ àkísà tó léfòó. Èbúté jóná. Ní 1961, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ẹnikẹ́ni lè rò ó tẹ́lẹ̀ pé epo á dọ̀tí èbúté, àmọ́ iná kò ṣeé rò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó háyà ọkọ̀ náà kò ní san owó iná.

Ṣùgbọ́n tí irú ìpalára náà bá ti ṣeé rò tẹ́lẹ̀, bó ṣe wá pọ̀ tó kò gba ẹnikẹ́ni là. Irin yíyọ́ ta sí ètè òṣìṣẹ́ kan, ó jó o, ojú iná náà wá di jẹjẹrẹ, ó sì pa á. Kóòtù ní kí iléeṣẹ́ san án. Bí ẹ ṣe bá ara onítọ̀hún náà lẹ máa gbà á.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Barnett. Ká ní Nàìjíríà lónìí ni, òfin ìlera ti 2014, ní abala 20, sọ pé ilé-ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá aláìsàn ì bá yè. Kíkọ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ àpò ìjọba lowó ìtanràn ń lọ. Tí opó bá fẹ́ gbà-má-bínú tirẹ̀, ó ṣì máa dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn. Tó bá sì jẹ́ ilé-ìwòsàn ìjọba ni, kó yára o: lọ́yà wọn lè sọ fún kóòtù pé oṣù 3 péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún un láti pẹjọ́.