Láti Sẹ́ńsọ̀ Dé Kóòdù: Ọjọ́ Kan Lẹ́nu Iṣẹ́ Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Tọ Ìlà

Òfin ìdíje náà kò pọ̀. Wọ́n á tẹ́ pátákó funfun sílẹ̀, wọ́n á fi téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò fa ìlà sí ojú rẹ̀. Ìlà ọ̀hún á lọ tààrà níbì kan, á ya kọ́nà níbòmíràn. Róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, èyí tó bá sì yá jù láì kúrò lórí ìlà ló gba ipò kìíní. Ohun tí ẹ ó kà yìí ni bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íbàdàn ṣe lo Sátidé tó ṣáájú ìdíje wọn. Olùkọ́ fisíìsì wọn wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ náà wá ràn wọ́n lọ́wọ́, Bọ̀dá ni wọ́n ń pè é.

Aago 8 àárọ̀: ojú róbọ́ọ̀tì

Ohun èlò ti wà lórí tábìlì: pátákó Arduino Uno, mọ́tò kékeré méjì pẹ̀lú táyà wọn, pátákó L298N tó ń pín iná fún mọ́tò, bátìrì 18650 méjì, àti sẹ́ńsọ̀ TCRT5000 márùn-ún. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ.

Ojú méjì ni sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ infirarẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìkejì ń gba ìwọ̀n tó bá ta padà. Ibi funfun a máa dá púpọ̀ padà, téèpù dúdú a máa gbé púpọ̀ mì. Arduino á wá sọ ohun tó gbà di nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Bí wọ́n ṣe so wáyà tiwọn, funfun ń mú nọ́ńbà kékeré wá, dúdú ń mú nọ́ńbà ńlá wá. Róbọ́ọ̀tì kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlà. Nọ́ńbà márùn-ún yìí nìkan ló mọ̀.

Ibi tí wọ́n máa de sẹ́ńsọ̀ mọ́ gba àkókò ju bí àwọn ọmọ náà ṣe rò lọ. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ yìí ti ń ríran dáadáa jù ni nǹkan bíi mílímítà 2.5 sí ohun tó ń wò. Bí ó bá ga sókè jù, dúdú àti funfun á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú rẹ̀. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, á máa ha pátákó. Mílímítà 5 ni wọ́n fi í sí. Téèpù náà fẹ̀ tó mílímítà 19, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí àlàfo láti àárín sẹ́ńsọ̀ kan dé àárín èkejì jẹ́ mílímítà 13, kí ìlà má baà rí ibi sá pamọ́ sí láàárín ojú méjì.

Aago 10: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́

Kóòdù àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ni èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ. Ó ń bi sẹ́ńsọ̀ òsì àti ti ọ̀tún bóyá dúdú ni wọ́n rí:

```
if (left > 500) turnLeft();
else if (right > 500) turnRight();
else forward();
```

Róbọ́ọ̀tì náà tọ ìlà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Ó fi ìṣẹ́jú àáyá 26 rin ìlà tó gùn ní mítà 4. Nígbà tí wọ́n gbé eré mọ́tò kúrò ní 100 lọ sí 150, nínú 255 tó jẹ́ òpin, ó fò kúrò lórí ìlà ní kọ́nà àkọ́kọ́.

"Sà, ṣé kí á ra mọ́tò tó lágbára ju èyí lọ ni?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Eré ti pọ̀ jù fún un báyìí," olùkọ́ fèsì. "Ẹ wo ìbéèrè tí ẹ̀ ń bi í. Bóyá ìlà yẹ̀ díẹ̀ ni o, bóyá ó yẹ̀ gan-an ni o, ìdáhùn kan náà lẹ fún un láyè láti sọ, ìyípadà kan náà ló sì máa ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí ló yí iṣẹ́ ọjọ́ náà padà.

Aago 12 ọ̀sán: báwo ni ìlà ṣe jìnnà tó?

Wọ́n pa kóòdù àkọ́kọ́ tì. Sẹ́ńsọ̀ márààrún yóò jọ dáhùn ìbéèrè tuntun: ibo gan-an ni ìlà wà lábẹ́ mi? Wọ́n fún sẹ́ńsọ̀ ní àyè láti òsì sí ọ̀tún: 0, 1000, 2000, 3000, 4000. Èyí tó bá rí dúdú jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wúwo jù.

Kí wọ́n tó lè ṣe èyí, sẹ́ńsọ̀ márààrún gbọ́dọ̀ máa sọ èdè kan náà. Lórí téèpù kan náà, ọ̀kan ń sọ 840, òmíràn ń sọ 790. Nítorí náà, bí róbọ́ọ̀tì bá ti tan, á kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú àáyá 5 yí sọ́tùn-ún yí sósì lórí ìlà, á sì kọ nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan rí sílẹ̀. Ìwọ̀nyí ni `mn` àti `mx` nínú kóòdù yìí:

```
long top = 0, sum = 0;
for (int i = 0; i < 5; i++) {
  int v = map(analogRead(A0 + i), mn[i], mx[i], 0, 1000);
  v = constrain(v, 0, 1000);
  top += (long)v * i * 1000;
  sum += v;
}
if (sum > 400) e = top / sum - 2000;
else e = (last < 0) ? -2000 : 2000;
```

Olùkọ́ ní kí wọ́n fi bírò ṣe ìṣirò náà lórí pépà kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ń sọ 0, 200, 800, 0, 0. A ó fi 200 sọ 1000 di púpọ̀, a ó fi 800 sọ 2000 di púpọ̀, a ó ro méjèèjì pọ̀: 1,800,000. Bí a bá fi 1000 tó jẹ́ àròpọ̀ nọ́ńbà márààrún pín in, á jẹ́ 1800. Àárín jẹ́ 2000, nítorí náà `e` jẹ́ -200: ìlà wà lápá òsì, kò sì jìnnà. Ìlà ìgbẹ̀yìn nínú kóòdù wà fún ìgbà tí ìlà bá sọnù pátápátá. Apá ibi tí róbọ́ọ̀tì ti rí i kẹ́yìn, èyí tí `last` ń tọ́jú, ni yóò yí sí láti wá a.

Aago 2: báwo ló ṣe ń yára yẹ̀ tó?

Bí wọ́n ṣe fi `e` nìkan darí mọ́tò, ìtàsíhìn-ín-tasọ́hùn-ún náà dínkù, ṣùgbọ́n kò tán. Róbọ́ọ̀tì á padà sórí ìlà, á tún kọjá rẹ̀ sí òdìkejì, nítorí pé kò mọ̀ pé òun ti ń sún mọ́ ọn.

Bọ̀dá sọ fún wọn pé ìṣòro yìí ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1922, Nicolas Minorsky tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ọkọ̀ ojú omi ṣe lè darí ara rẹ̀. Ó ti kíyè sí àwọn atukọ̀ tó mọṣẹ́: kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe yẹ̀ tó nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n tún ń wo bó ṣe ń yára yẹ̀ tó. Àwọn ọmọ náà fi ìbéèrè kejì yìí kún kóòdù wọn:

```
int u = Kp * e + Kd * (e - last);
last = e;
go(base + u, base - u);
```

Ní gbogbo ìdá 5 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá ni kóòdù yìí ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi `Kd` sí 0, wọ́n ń gbé `Kp` sókè títí róbọ́ọ̀tì fi ń tọ ìlà ṣùgbọ́n tó ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé `Kd` sókè títí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀. Nígbà tí `Kd` pọ̀ jù, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí kùn, ó ń ta pútúpútú, wọ́n sì dín in kù. 0.06 àti 0.5 ni wọ́n dúró sí. Bí `e` bá jẹ́ -200, tí ó sì jẹ́ -160 ṣáájú, `u` á jẹ́ -12 pẹ̀lú -20, ìyẹn -32. Nígbà tí `base` jẹ́ 150, mọ́tò òsì á gba 118, ti ọ̀tún á gba 182, róbọ́ọ̀tì á sì rọra yà sósì.

Síbẹ̀, kọ́nà ṣì ń dà á láàmú. Bọ̀dá wo kóòdù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá na ìka sí `Serial.println`, èyí tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Ní ìwọ̀n 9600 tí wọ́n fi í sí, lẹ́tà kan ń gba nǹkan bí ìdá 1 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ lẹ́tà 20, tí àyè ìdúródè bá sì ti kún, róbọ́ọ̀tì á fọ́jú fún ìdá 20 nínú 1000. Bó bá ń sá sẹ̀ńtímítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti rin mílímítà 8 kí ó tó tún ríran, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì téèpù. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kọ́nà sì rọrùn.

Aago 3:30: oòrùn wọlé

Lójijì, róbọ́ọ̀tì tó ti ń ṣe dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko, ibì kan ṣoṣo ló sì ti ń ṣáko. Kò sí kọ́nà níbẹ̀. Wọ́n gbé e dúró síbẹ̀ láì tan mọ́tò, wọ́n ka nọ́ńbà. Téèpù dúdú tó ń mú 840 wá láàárọ̀ ti di 310.

Ibẹ̀ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé bọ́ sí. Oòrùn ní infirarẹ́ẹ̀dì púpọ̀ nínú, èyí tó sì ń ta lórí pátákó ń wọ ojú sẹ́ńsọ̀, dúdú wá ń ṣe bí ẹni pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìṣirò, 310 di nǹkan bí 320 nínú 1000. Àròpọ̀ kò dé 400, kóòdù sì gbà pé ìlà ti sọnù. Wọ́n gé páálí dúdú, wọ́n fi ṣe ògiri yí sẹ́ńsọ̀ ká títí dé bíi mílímítà 2 sí ilẹ̀. Nọ́ńbà náà padà sókè kọjá 800.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́: bátìrì

Ohun tó kẹ́yìn ni iná. Bátìrì méjì tó kún jẹ́ fóòtì 8.4, L298N sì ń jẹ nǹkan bíi fóòtì 2 nínú rẹ̀. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ sí 7.4, ohun tó dé ọwọ́ mọ́tò á kúrò ní 6.4 bọ́ sí 5.4. Nọ́ńbà 150 kan náà kò ní jẹ́ eré kan náà mọ́. Wọ́n pinnu pé bátìrì tó kún nìkan ni wọ́n á fi máa yan `Kp` àti `Kd`, àti pé wọ́n á fi mítà wò ó kí wọ́n tó sáré kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó di aago 6, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni róbọ́ọ̀tì náà fi ń rin mítà 4 tó gba 26 láàárọ̀. Mọ́tò kan náà ni, bátìrì kan náà ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ọmọ yín ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, bó bá ń kúrò lórí ìlà, ẹ má tíì náwó sórí mọ́tò tuntun. Ẹ gbé e dúró síbi tó ti ṣáko, kí ẹ ka nọ́ńbà márààrún ná. Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àwọn ọmọ láyè láti fi róbọ́ọ̀tì wọn wo pátákó yín kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn yín kì í ṣe ti kíláàsì wọn.