Ìdọ́gba Agbára Ìrajà àti Ìdọ́gba Èlé: Ohun tí Pọ́n-ùn Ọdún 1925 Fi Hàn

Àlàyé méjì ló gbajúmọ̀ lórí ohun tó ń mú kí owó orílẹ̀-èdè kan níyì sí i tàbí kó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òmíràn. Ọ̀kan ń wo ọjà, èkejì ń wo èlé.

Gustav Cassel, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Súwídìn, ló sọ àkọ́kọ́ ní ìdọ́gba agbára ìrajà ní 1918, nígbà tí ogun ti mú kí ọjà gbówó lérí níbi gbogbo. Ká ní ẹrù tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn 100 ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ dọ́là 440 ní Niu Yọ́ọ̀kì. Lójú Cassel, dọ́là 4.40 ló yẹ kí pọ́n-ùn kan jẹ́. Bó bá wọ́n jù bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò yóò kọ ọjà Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ títí pọ́n-ùn yóò fi wálẹ̀. Àmọ́ ẹrù kì í yára rìn. Ó ní owó ọkọ̀ àti owó ibodè, bẹ́ẹ̀ ni ilé gbígbé àti irun gígẹ̀ kò ṣeé kó sọdá òkun.

Owó yára ju ẹrù lọ. Ní 1923 ni John Maynard Keynes ṣàlàyé ìdọ́gba èlé. Ká ní pọ́n-ùn jẹ́ dọ́là 4.80 lónìí, tí èlé ọdún kan jẹ́ 5% ní Lọ́ńdọ̀nù àti 3% ní Niu Yọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn ọdún kan, pọ́n-ùn kan yóò di 1.05, dọ́là 4.80 yóò sì di 4.944. Pín 4.944 sí ọ̀nà 1.05, yóò fún ọ ní nǹkan bíi 4.71. Iye yìí ló yẹ kí báǹkì fi bá oníbàárà ṣe àdéhùn pọ́n-ùn tí wọn yóò san lọ́dún tó ń bọ̀. Bí iye náà bá yàtọ̀, èrè tí kò léwu wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò owó yóò sì kó o títí yóò fi tán.

Ní oṣù Kẹta 1925, wọ́n gbé èlé Lọ́ńdọ̀nù sókè sí 5%. Ní oṣù Kẹrin, Winston Churchill, mínísítà ètò ìnáwó, dá pọ́n-ùn padà sórí wúrà ní dọ́là 4.86. Keynes kìlọ̀ pé ó fi nǹkan bíi 10% wọ́n jù tí a bá wo iye ọjà. Èlé gíga ń fa owó àwọn àjòjì wọlé, ó sì gbé pọ́n-ùn ró, ṣùgbọ́n èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n jù lójú àwọn oníbàárà òkèèrè. Àwọn onílé iṣẹ́ èédú fẹ́ gé owó oṣù, ìyẹn ló sì bí ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1926. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1931, wọ́n yọ pọ́n-ùn kúrò lórí wúrà. Kí ọdún náà tó parí, kò tó dọ́là 3.50 mọ́.

Ìdọ́gba èlé kò sọ ibi tí owó yóò gúnlẹ̀ sí. Àlàfo tó wà láàárín iye òní àti iye àdéhùn ọ̀la nìkan ló ń ṣírò, àlàfo náà sì dàrú ní 2008 nígbà tí àwọn báǹkì kò fọkàn tán ara wọn mọ́. Iye ọjà ló ń tọ́ka sí ibùgúnlẹ̀, bó tilẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èlé lè dá owó dúró fúngbà díẹ̀. Kò lè sọ ọjà tó wọ́n di ọ̀pọ̀.