Kolẹ́sítẹ́róòlù Aláboyún: Kí La Ó Máa Pè É?

"Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀" la sábà máa ń pe kolẹ́sítẹ́róòlù. Orúkọ náà rọrùn, àmọ́ kò tó fún ọ̀rọ̀ oyún, nítorí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ju oríṣi kan lọ. Tiraigílísẹ́ráìdì ni ara ń sun bí epo láti rí agbára. Kolẹ́sítẹ́róòlù ni ara fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, òun náà ló sì fi ń ṣe àwọn họ́mọ́nù kan. Ní tèmi, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjàyà sílẹ̀ gan-an ni "ga". Ẹ sọ fún aláboyún ní Máfolúkù pé kolẹ́sítẹ́róòlù rẹ̀ ga, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí. Ká ní mílímóòlù 4.4 nínú lítà kan ni tirẹ̀ kó tó lóyún, tó sì di 6.2 nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ. Ìwé èsì lè kọ ọ́ pé kó má ju 5.2 lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹni tí kò lóyún nìyẹn. Họ́mọ́nù ẹ́sítírójìn tó ń pọ̀ sí i ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi ọmọ ń fi kolẹ́sítẹ́róòlù ṣe purojẹ́sítẹ́rọ́nù, họ́mọ́nù tí kì í jẹ́ kí oyún bàjẹ́; ọmọ inú náà sì ń lò ó fún ọpọlọ. Kolẹ́sítẹ́róòlù sábà máa ń fi ìdá 25 sí 50 nínú 100 lé sí i, tiraigílísẹ́ráìdì sì lè di ìlọ́po 2 tàbí 3. "Àlékún oyún" ni kí á pe èyí, kí "gíga" wà fún àìsàn. Kí a tó tún un yẹ̀ wò, ó yẹ kí ó tó ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ.

Àlékún ní ààlà o. Bí tiraigílísẹ́ráìdì bá kọjá mílímóòlù 10 nínú lítà kan, tí òkè ikùn ń dunni gan-an títí dé ẹ̀yìn, tí èébì sì ń gbéni, ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Oògùn sítátìnì wá ńkọ́? Ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe kolẹ́sítẹ́róòlù, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ nílò nìyẹn. "Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀" dà bí ìgbà tí a ní kò sí mọ́ títí láé. "Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró ná" ló bá a mu, torí "ná" yẹn ti sọ pé a óò padà sí i. Oṣù mẹ́sàn-án láìlo oògùn náà kì í sábà pa ẹnì kan lára, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rá fi ń dí òpó ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù keje 2021, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ kúrò lára sítátìnì, àmọ́ ó ṣì ní kí ọ̀pọ̀ aláboyún dá a dúró. Ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí, tàbí tí àrùn kolẹ́sítẹ́róòlù ìdílé tó le wà lára rẹ̀, lè yàtọ̀. Òun àti dókítà ni yóò jọ pinnu.

Ìyá tó bá ti lo sítátìnì kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kí ó má ronú pé oyún ti bàjẹ́. Kí ó dá a dúró, kí ó sì tètè rí dókítà. Wọn kì í sì í padà sí i nígbà tí ìyá bá ń fún ọmọ lọ́mú.