Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ fún Àtúnyẹ̀wò Orúkọ Òwò tí Àjọ CAC Kò Gbà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìrẹsì ní Ìgbẹmọ-Èkìtì máa ń fẹ́ kí orúkọ ìlú náà wà nínú orúkọ òwò wọn. Ìdí nìyí tí àwọn orúkọ náà fi tètè ń jọra. Abala 852 nínú òfin CAMA ti ọdún 2020 kò sì jẹ́ kí Àjọ CAC gba orúkọ tó jọ èyí tó ti wà nílẹ̀ débi tó lè ṣi aráàlú lọ́nà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Orúkọ tí wọ́n ti gbà ní Kano lè dí ti ará Ìgbẹmọ lọ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìtọ́kasí tó wà lórí èsì ìkọ̀sílẹ̀ yín. Òun ni òṣìṣẹ́ fi ń wá fáìlì yín rí. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ìsanwó rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà tó bá ní àṣìṣe yìí lè má bá fáìlì rẹ̀ pàdé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn orúkọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣòwò ń lò, bí «ìrẹsì» àti orúkọ ìlú, kò fi ìyàtọ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ẹ óò gbé yẹ̀ wò. Ká ní ẹ béèrè fún IRESI OLA IGBEMO, tí ẹ ní Ọlá lọ́kàn, ṣùgbọ́n OLA IGBEMO RICE ti wà nílẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ní Ọ̀la lọ́kàn. Létí wa, ọ̀rọ̀ méjì ni. Àmì ohùn kò sí lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀. Àlàyé lórí ohùn nìkan kò tó. Ẹ fi orúkọ mìíràn kún un.

Àpẹẹrẹ lẹ́tà nìyí:

*Sí Àjọ CAC.*

*Nọ́ńbà ìtọ́kasí: (ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí èsì)*

*Ẹ̀bẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò: IRESI OLA IGBEMO*

*Ní (ọjọ́), ẹ kọ orúkọ tí mo béèrè fún nítorí pé ó jọ OLA IGBEMO RICE. Ọlá, èyí tó túmọ̀ sí iyì, ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe Ọ̀la, ọjọ́ iwájú. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba IRESI IYIOLA IGBEMO. Mo so èsì ìkọ̀sílẹ̀ yín mọ́ lẹ́tà yìí.*

*(Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ìfọwọ́sí)*

Pé ẹ ti ń ta ìrẹsì fún ogún ọdún kì í ṣe ìdí fún ẹ̀bẹ̀, nítorí ìjọra orúkọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ọjọ́ orí òwò. Títí èsì yóò fi dé, ẹ má ṣe tẹ orúkọ náà sára àpò ìrẹsì tàbí pátákó.