Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ṣiṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Tó Kàn Jókòó: Àyẹ̀wò Ìwé Títa Ilẹ̀ Ẹbí ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Ìwé tí wọ́n fi ń ta ilẹ̀ ẹbí ní Ìlódè kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn lọ́yà ń kọ káàkiri Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ àti orúkọ, ‘híàrínáfítà’ á wọlé, láti sọ orúkọ tí a ó máa pe olúkúlùkù láti ibẹ̀ lọ. ‘Wíàásì’ á tẹ̀lé e, á máa ro bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹbí. ‘Wítínẹ́sẹ̀tì’ á wá kéde pé àdéhùn gan-an ló kàn. Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni èwo nínú wọn la lè yọ tí títà náà kò fi ní mẹ́hẹ.

Òfin ohun ìní tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959, tí Ọ̀ṣun jogún, wo àwòkọ́ṣe òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1925. Òfin ti 1925 yẹn sì ti gbà pé kí ènìyàn pe ìwé rẹ̀ ní ìwé àdéhùn lásán, láìfi orúkọ ńlá kankan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi ‘wítínẹ́sẹ̀tì’ ṣe májẹ̀mú. Bí a bá kọ ‘Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí’ sí ipò rẹ̀, kò sí ohun tó sọnù.

‘Híàrínáfítà’ náà rọrùn láti yọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún. Ká sọ pé ẹbí kan ní Ìlódè fẹ́ ta púlọ́ọ̀tì kan. Lọ́yà lè kọ orúkọ olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tó ń bá a fọwọ́ sí i, kó fi àkámọ́ sí i lẹ́yìn: (Ẹbí). Ó tán. Ewu ibẹ̀ ni pé kí ó pè wọ́n ní ‘Ẹbí’ lójú ìwé kìíní, kí ó di ‘olùtà’ lójú ìwé kejì, ‘àwọn onílẹ̀’ lójú ìwé kẹta. Adájọ́ a máa rò pé ẹni tó yí orúkọ padà ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Bákan náà ni ‘ilẹ̀ tí a ti dárúkọ’: kí a pè é ní ‘Ilẹ̀’, kí a so ó mọ́ nọ́ńbà pláànù sọ̀fíyọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a má sì yí i padà mọ́.

Ti ‘wíàásì’ gba sùúrù. Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kò wúlò, àmọ́ ìtàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wúlò gidigidi. Òfin Ẹ̀rí wa gbà pé ohun tí ìwé tó ti pé 20 ọdún bá sọ nípa ilẹ̀ lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àyàfi bí ẹnìkan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń dín ìwé kù, tó wá gé ìtàn bí ẹbí ṣe jogún ilẹ̀, ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ ẹni tó rà á. Kí a fi ‘Ìtàn Ilẹ̀’ ṣe àkọlé, kí a kọ ọ́ ní gbólóhùn kéékèèké.

Ibi tí ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe ti máa ń ṣubú ni gbólóhùn kúkúrú kan tó jọ àṣejù lásán: pé ẹni tó ń tà ń tà ‘gẹ́gẹ́ bí bẹnẹfíṣíà ónà’. Òfin ló so ìlérí mọ́ ọn: pé olùtà lẹ́tọ̀ọ́ láti tà, pé olùrà yóò gbádùn ilẹ̀ láìsí ìyọnu, pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀, àti pé olùtà yóò fọwọ́ sí ìwé yòówù tó bá tún kù. Bí o bá yọ ọ́, tí o kò kọ ìlérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní kedere, olùrà ti pàdánù wọn. Èmi a kúkú kọ wọ́n síta. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí á mọ ohun tí wọ́n ń ṣèlérí rẹ̀. Èdìdì tó wà níbi ìfọwọ́sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi dán ìwé wò. Bí àgbà tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka, wọ́n á ka ìwé náà fún un ní Yorùbá. Kí lọ́yà fetí sí ògbufọ̀: ibi tó bá ti fò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan. Ìdánwò yìí kò tó fúnra rẹ̀, torí ògbufọ̀ á fo bẹnẹfíṣíà ónà náà.

Bí a bá tún èdè ṣe títí, ohun méjì kò lè ti inú èdè wá: ìfọwọ́sí olórí àti àwọn àgbà ẹbí, àti ìyọ̀ǹda gómìnà. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, ilé ẹjọ́ sọ pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè pe títà náà níjà kó sì wó. Bí àwọn àgbà bá tà á láìsí olórí, òfo ni. Nínú ẹjọ́ báǹkì Savannah àti Ajilo ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìwé ìdógò tí kò ní ìyọ̀ǹda gómìnà, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ṣe là á sílẹ̀, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìlódè kọ́kọ́ béèrè àwọn méjèèjì yìí, kó tó béèrè bí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ṣe dùn tó.