Ọkọ̀ Páánù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Ogun Bọ́mà Dé

Ní ilé wa ní Bàrígà, ọkọ̀ páánù kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló gbà pé bàbá àgbà ni ó gbé e bọ̀ láti ogun Bọ́mà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ń padà bọ̀ ní 1945 àti 1946. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí i nítorí ìtàn yìí. Mo ní kí n wádìí lára ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é. Láti 1947 sí 1952, nígbà tí Jàpáànù wà lábẹ́ àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ tí ogun gbà ni ó ti wá. Tiwa kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí kì í ṣe gbogbo ọjà ìgbà náà ló ní in, Jàpáànù sì ti ń ṣe ohun ìṣeré tà ṣáájú ogun.

Mo gbé e lọ bá atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ó fi dígí tí í sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ó ní, “Kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún. Páánù pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ àwọ̀ sí, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.” Etí páánù tí wọ́n ki bọ ihò, tí wọ́n sì ká, ṣì mọ́ kedere. Bí wọ́n bá ti tún un kùn ni, ọ̀dà ìbá ti bò wọ́n. Àwọn tótòtó àwọ̀ ara páálí tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà òde òní ló máa ń fọ́n wọn káàkiri. Àwòrán ara páálí náà sì bá ọkọ̀ mu, nítorí náà páálí rẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí o bá fi táyà rẹ̀ gbo ilẹ̀, irin róbótó kan nínú rẹ̀ á máa yí, á sì gbé e sáré. Àwọn ará Jàpáànù lo irú rẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ogun.

Ìrísí rẹ̀ ló wá tú àṣírí. Ìdí ọkọ̀ náà ga sókè bí lẹbẹ ẹja, pẹ̀lú iná méjì méjì tó ṣe ṣóńṣó: Kádílàkì ti 1959 gan-an ni. Kò sí ẹni tó lè ṣe àwòkọ ọkọ̀ tí kò tíì jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ páálí, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀: ṣílè méje àti sísì. Náírà sì gba ipò ṣílè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973.

Nítorí náà, láàárín 1959 sí 1972 ni wọ́n rà á. Kò rí ogun rárá.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àṣé èmi ni wọ́n rà á fún. 1961 ni wọ́n bí mi.” Ìjà náà parí síbẹ̀.