Ẹran Tó Súnkì Nínú Ìkòkò

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí agbára ẹnì kan mọ ni ti ẹlòmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa pa òwe yìí nítorí àgbà àti èwe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá ń bá ara wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ méjèèjì wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Fẹ́sítáàkì ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ èyí. Wọ́n kọ́ ìlú náà láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977, lẹ́yìn náà ló di ibùgbé àwọn ará Èkó. Láti Sẹ́kọ́ńdù Géètì wọ inú, àti káàkiri Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, olóúnjẹ pọ̀: oníbúkà, ẹni tó ń se oúnjẹ àríyá, ẹni tó ń sè nílé tó ń fi abọ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò Tíréèdì Féà. Ẹni tó mọ oúnjẹ sè kò wọ́n, ẹni tó lè kọ ìwé owó kò wọ́n. Ẹni tó mọ díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì ló ṣọ̀wọ́n. Wọ́n á ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣí búkà tirẹ̀. Èmi ò gbà. Ohun tó yẹ kó tà fún àwọn tó ti ń sè tẹ́lẹ̀ ni òye iye tí abọ́ kọ̀ọ̀kan ná wọn gan-an.

Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀, ìyàtọ̀ ẹran tútù àti ẹran sísè. Ká ní ìyá olóúnjẹ ra kílò 10 ẹran màlúù, kílò kan ní náírà 6,000. Owó rẹ̀ jẹ́ 60,000. Akọ̀wé owó tí kò dáná rí á pín kílò 10 náà sí ègé gíráàmù 65, yóò rí bí ègé 153, yóò sì kọ pé ègé kan ná wa ní nǹkan bí náírà 392. Bí a bá ń tà á ní 500, èrè ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n iná ti mú omi àti ọ̀rá inú ẹran jáde. Bí a bá tún un wọ̀n lẹ́yìn sísè, kò ṣàjèjì kó ku kílò 6.5. Ègé 100 péré ni yóò jáde, kálukú ní náírà 600. Lórí ègé kan, náírà 100 ti sọnù, ìwé sì ń sọ pé a jèrè. Ẹni tó ń sè náà rí i pé ẹran súnkì, àmọ́ kò fi náírà pè é rí. (Omi ẹran kò ṣòfò, ọbẹ̀ ló ń lọ, nítorí náà ó tọ́ ká yọ díẹ̀ kúrò lórí owó ẹran. Díẹ̀ ni o.)

Ìrẹsì ń ṣe òdìkejì. Ó ń wú: kílò kan tútù a máa di nǹkan bí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Èrè tó wà lórí ìrẹsì ló ń bo àdánù orí ẹran mọ́lẹ̀, tí ọdún fi ń yí tí ẹnikẹ́ni kò fura. Nítorí náà, oníbàárà tó ní, “Màmá, ẹ bá mi fi ẹran méjì sí i,” tí gbogbo búkà ń kí káàbọ̀ bí ọlọ́lá, òun gan-an ló ń jẹ èrè wa lọ.

Iṣẹ́ ẹni tó mọ díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì kò ju òṣùwọ̀n kan, ìwé kan àti ọjọ́ díẹ̀ nínú ilé ìdáná. Á wọn ẹran kó tó wọ ìkòkò, á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Á mú ìgbákọ kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ yóò máa lò, nítorí ìgbákọ méjì tí kò dọ́gba ló ń ba ìṣirò jẹ́. Á kọ ọjọ́ tí gáàsì kílò 12.5 bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó tán, kó lè pín owó rẹ̀ sórí iye ìkòkò tó sè. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe káàdì iye owó kan fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́, á fi ègé tó jáde nínú ìkòkò wé èyí tí a tà. Bí 100 bá jáde tí owó 88 wọlé tí méjì ṣẹ́ kù, 10 wà láti wá: àwìn tí a kò kọ, oúnjẹ ọmọ iṣẹ́, tàbí àwọn ọmọ ilé tó wá bu tiwọn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ olè, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Pẹpẹ àti kèrègbè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: akọ̀wé owó kì í mọ ibi tí ègé náà gbà lọ, alásè kì í mọ̀ pé ó yẹ ká wá a.

Káàdì náà kì í pẹ́ gbó. Bí alápatà bá yí padà, tàbí tí wọ́n bá fi ṣàkì rọ́pò ẹran, ó di dandan kí a tún wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó sàn kí ẹni náà gba owó lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, kó sì tún padà wá nígbà tí ọjà bá gbóná, ju kó gba ìdá kan nínú èrè tí kò sí ẹni tó mọ iye rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí wọ́n tì í sínú yíyẹ ìwé owó wò fún báńkì tàbí ìjọba. Òfin fi ìyẹn sọ́wọ́ àwọn akáǹtáǹtì tó ní ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ wọn sì ti wà lábẹ́ òfin láti 1965.